Kíkí Àlejò: Níbo Ni Ọmọ Yóò Ti Gbọ́ "Ẹ"?

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, obìnrin ọmọ ọdún 5 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 3. Bí àlejò bá wọlé, èyí àgbà á sọ pé "Káàbọ̀" fún ẹni tó tó ìyá mi bí, àbúrò rẹ̀ á sì sá sẹ́yìn mi. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọn kì í dáhùn. Mi ò fẹ́ máa nà wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa rò pé a ò kọ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Hiúsítìn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èmi ti ń tọ́ àwọn tèmi, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún gan-an.

Mo gbà pé ọmọbìnrin yín kò rí ẹnikẹ́ni fín. Ohun tó ń gbọ́ ló ń sọ. Nígbà tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, "Káàbọ̀" ni ẹ̀yin fúnra yín ń sọ fún un, nítorí pé ọmọ yín ni, bó bá sì jí láàárọ̀, "Káàárọ̀, ṣé o sùn dáadáa?" ni ẹ ó sọ. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ọmọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí yóò tún gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kí ìyá ọkọ, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń dá onílé lóhùn, àti bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń kí ìyá alákàrà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣú. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó jẹ́ pé bàbá, ìyá àti ọmọ méjì péré ló wà níbẹ̀, tí tọkọtaya sì ń fi "o" tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọ lè pé ọdún 5 kó má tíì gbọ́ "ẹ" tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó retí "ẹ" lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín kì í bá fi "ẹ" bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan pé, ó kéré tán, ẹ ó máa fi kí ara yín láàárọ̀ níṣojú àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń bá màmá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ gbé ohùn fóònù náà síta kí àwọn ọmọ lè gbọ́ bí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà lójú wọn ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kí ẹni tó jù yín lọ. Kódà bí àlejò kò bá tíì dé, "Wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ ká bá wọn tún àga ṣe" ni kí ẹ wí, kì í ṣe "Ó ń bọ̀."

Eré kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ ju ìtọ́ni lọ. Ẹ mú fìlà bàbá wọn tàbí gèlè yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá wé e tàbí tó dé e ni àgbà. Kí ọmọ dé fìlà, kó jáde sí ẹnu ọ̀nà, kó kan ilẹ̀kùn; kí ẹ̀yin ṣílẹ̀kùn, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé "Ẹ káàbọ̀ sà." Lẹ́yìn náà, ẹ gba fìlà lórí rẹ̀, kó di pé òun ló ń kí yín. Fìlà yìí ló jẹ́ kí ẹ lè fi "ẹ" bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ láìdà á lójú rú, nítorí pé ó mọ̀ pé bí fìlà bá ti kúrò lórí òun, òun ti padà di ọmọ.

Ní ti ìkíni tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ wọn, ẹ fi "Ẹ káàsán" àti "Ẹ kúùrọ̀lẹ́" sílẹ̀ ná. Ọmọ ọdún 3 kò tíì mọ ìgbà tí ọ̀sán parí. "Ẹ káàbọ̀ mà" tàbí "Ẹ káàbọ̀ sà" ni kí wọ́n mọ̀, nítorí pé kò sí wákàtí tí kò bá a mu, òun náà ló sì yẹ kí ará ilé sọ fún ẹni tó wọlé. Bí wọ́n bá ṣi "mà" lò fún ọkùnrin, ẹ má ṣe kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Láàárọ̀, ẹ sọ ẹni tó ń bọ̀ fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi fìlà ṣeré náà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àlejò bá dé, ẹ má ti àwọn ọmọ síwájú lẹ́nu ọ̀nà tóóró níbi tí bàtà kún ilẹ̀, tí àlejò ń bọ́ kóòtù, tí ẹrù sì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí àyè láti kúnlẹ̀ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ọmọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò jókòó, kí wọ́n fara balẹ̀, kí ẹ wá mú àwọn ọmọ jáde. Ẹ̀yin náà ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ọmọ bá dákẹ́, ẹ má sọ pé "Kí màmá," torí pé ìyẹn kò sọ ohun tó yẹ kó wí fún un, àwọn míràn á sì máa wí i tẹ̀ lé yín bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn náà gan-an ni kí ẹ sọ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ káàbọ̀ mà." Bó bá ṣì sọ pé "Káàbọ̀ mà," ẹ bá a tún un sọ pẹ̀lú "ẹ", kí ẹ má sì bá a wí lójú àlejò. Ní ti ọmọ ọdún 3, bó bá tẹ̀ ba, tó fọwọ́ kan ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ti kí wọn.

Ìdáhùn ló kù. Ìbéèrè tí àwọn àgbà wa máa ń bi ọmọdé kò pọ̀: "Ṣé dáadáa ni?" "Kí lorúkọ ẹ?" "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" "Ṣé o ti jẹun?" Ẹ fi wọ́n kún eré fìlà títí ẹnu wọn yóò fi mọ "Dáadáa ni mà", "Bẹ́ẹ̀ ni mà" àti "Ẹ ṣé mà". Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé bí àlejò bá ti béèrè, òbí á yára dáhùn, tàbí kó sọ pé "Ojú ló ń tì í." Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn léraléra yóò gbà pé ìdáhùn kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ẹ mú sùúrù, nítorí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kì í lò nílé ẹ̀kọ́. Bó bá pẹ́ jù, ẹ sọ ọ́ sí i létí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé kó máa wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ ṣàlàyé pé a máa ń wolẹ̀ nígbà tí a bá ń kí àgbà wa, ṣùgbọ́n pé ó lè gbójú sókè láti dáhùn. Ọmọdé lè mọ ìlànà méjèèjì bó ṣe ń mọ èdè méjì.

Bí àlejò bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di òyìnbó, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi oríkì rẹ̀ dá a lóhùn bó bá kí wọn. Ọmọ tí wọ́n pè ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní lẹ́yìn ìkíni á fẹ́ tún kí wọn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín kì í bá dá ẹ̀yin pàápàá lóhùn nígbà tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, tàbí tí kì í sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ bákan náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú nínú gbogbo èyí.