"Ilẹ̀ fẹ́ ṣú": ṣé ilẹ̀ ní ohun tó ń wù ú ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìdí tá a fi ń sọ pé 'ilẹ̀ fẹ́ ṣú' ni pé àwọn baba ńlá wa gbà pé ilẹ̀ ní ẹ̀mí, ó sì lè fẹ́ nǹkan bí èèyàn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé 'fẹ́' yẹn náà ló wà nínú 'mo fẹ́ ra aṣọ'?"

Àbúrò mi, rárá o. Irú àlàyé yìí ti sú mi. Ẹnì kan á kàn já ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà nínú gbólóhùn, á mú ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, á wá fi ìyẹn gbé odindi ẹ̀sìn ka àwọn baba wa lórí, láìbi ara ẹ̀ léèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe níbi tó wà. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà Yorùbá, mi ò tíì rí ọmọ kan tó gbọ́ "ilẹ̀ fẹ́ ṣú" tó wá rò pé òkùnkùn ló ń wu ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ yé dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àlàyé ló ń dàrú mọ́ wọn lójú.

"Fẹ́" méjì ló wà. Ẹ mú "Adé fẹ́ lọ." Gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé lílọ ló wà lọ́kàn Adé, bóyá wọn ò tiẹ̀ gbà fún un. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé Adé ti gbé báàgì, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ku díẹ̀ kó lọ. Ní ti àkọ́kọ́, "fẹ́" fúnra ẹ̀ ló fún Adé níṣẹ́, òun ni ẹni tí nǹkan ń wù. "Lọ" náà tún fún un níṣẹ́ tiẹ̀, òun ni ẹni tó máa rìn. Adé kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Olùwà "lọ" ò jáde lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Adé náà ni, torí olùwà "fẹ́" ló ń darí ẹ̀, ìyẹn la ṣe ń pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe ìdarí.

Ní ti ìkejì, "fẹ́" ò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ kankan. Ohun tó ń sọ ò ju pé nǹkan ti sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ni Adé ni "lọ", ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ "lọ" ló ti gba iṣẹ́ ẹ̀, ó kàn gòkè wá dúró síwájú "fẹ́" nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní àyè olùwà ni. Ìyẹn ni ìgbésókè. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, Peter Rosenbaum kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1967, Paul Postal náà kọ ìwé ńlá lé e lórí lọ́dún 1974, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n tiwa náà ń ṣe é, ojoojúmọ́ ló wà lẹ́nu wa.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé téèyàn bá kàn wo "Adé fẹ́ lọ" lójú lásán, kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ni, torí èèyàn ni Adé, nǹkan lè wù ú. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ yọ Adé kúrò, kẹ́ ẹ fi ohun tí kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Tí gbólóhùn bá ṣì dúró, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, èyí tó wà lókè, ò fún olùwà ẹ̀ níṣẹ́, ìgbésókè nìyẹn. Tó bá wó, tàbí tí ìtumọ̀ ẹ̀ bá yí padà di nǹkan míì, ìdarí ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò lè gba iṣẹ́ ni "ó" tó jẹ́ òfìfo. Ẹ gbọ́ èyí: "Ó fẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí i." Ta ni "ó" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn? Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ ò lè bi mí pé "ta ló fẹ́ tó ọdún mẹ́wàá?" kí n wá nawọ́ sí nǹkan kan. "Ó" kàn dí àyè olùwà ni. Síbẹ̀ "fẹ́" gbà á láìjiyàn. Ẹ wá fi "gbìyànjú" sí i: "Ó gbìyànjú láti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí i." Ó ti bàjẹ́, torí "gbìyànjú" ń wá ẹni tó máa sapá, òfìfo ò sì lè sapá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé wọn ò ní wá mọ́" ṣe já gaara, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní "Ó pinnu láti dà bí ẹni pé…", lójú ẹsẹ̀ ni etí yín á ti máa wá ẹnì kan, "ó" ti di ọ̀gbẹ́ni kan tó ń díbọ́n. Gbólóhùn ò wó pátápátá lọ́tẹ̀ yìí o, "ó" ló yí padà kúrò ní òfìfo di èèyàn, àmì ìdarí náà nìyẹn.

Ohun kejì ni mo fẹ́ràn jù, òun ni ẹ̀yà àkànlò èdè. Ẹ jẹ́ ká mú "omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu." Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, nǹkan ti bàjẹ́ níbi tá ò fọkàn sí. Tí mo bá sọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ ẹnì kan dàrú, kò sí omi níbẹ̀, kò sì sí ìgbín. Gbogbo gbólóhùn yẹn lápapọ̀ ló gbé ìtumọ̀ kan ṣoṣo, "omi" nìkan ò ní ìpín tiẹ̀ tó lè dá gbé lọ síbòmíì. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí "omi" níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe míì tí àkànlò èdè yẹn ò sì kú, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ "wọ ìgbín lẹ́nu" nísàlẹ̀ ni "omi" ti wá, ọ̀rọ̀-ìṣe tókè ò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Àwọn méjì ń ṣòwò pọ̀, owó ti ń sọnù díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan wá ní, "Ẹ̀yin èèyàn, omi fẹ́ tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu o." Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìkìlọ̀ ló ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ ò ní pẹ́ bàjẹ́. Àkànlò èdè wà láàyè. Tó bá ní "omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu," ó ṣì wà láàyè. Kó wá ní "omi pinnu láti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu," tàbí "omi gbìyànjú láti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu." Kí lẹ gbọ́? Àlọ́ ni! Omi kan wà, ó ní ìkà nínú, ó ń dọdẹ ìgbín kan. Ọ̀rọ̀ òwò ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. "Pinnu" gba "omi" tọwọ́ tẹsẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣèpinnu, bí "omi" bá sì ti ní iṣẹ́ tiẹ̀ báyìí, kò lè jẹ́ ara àkànlò èdè mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "fẹ́" yẹn àti "pinnu" nìyẹn, a ò sì nílò ìwé kankan ká tó rí i.

Ẹ tún fi "ojú ń tì mí" gbìyànjú ẹ̀. "Ojú fẹ́ tì mí" dáa. "Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí" dáa. "Ojú gbà láti tì mí," kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ká wá padà sórí ilẹ̀ yín. "Ilẹ̀ ṣú" àti "ilẹ̀ mọ́", àkànlò èdè ni wọ́n, kì í ṣe erùpẹ̀ tá a tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí ló ń dúdú. "Ilẹ̀ fẹ́ ṣú" wá jọ "omi fẹ́ tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu" gẹ́lẹ́, ìgbésókè ni, "fẹ́" ò sọ pé nǹkan kan wu ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ilẹ̀ ló fà á bí ọ̀gbẹ́ni orí rédíò yẹn ṣe sọ, ó yẹ ká lè sọ pé "ohun tí ilẹ̀ fẹ́ ni láti ṣú," bá a ṣe ń sọ pé "ohun tí Adé fẹ́ ni láti lọ." A ò sọ ọ́. Ó yẹ ká lè sọ pé "ilẹ̀ fẹ́ kí ọ̀nà ṣú," bá a ṣe ń sọ pé "Adé fẹ́ kí Bọ́lá lọ." Ìyẹn náà ò sí. "Fẹ́" tó ń béèrè ẹni tí nǹkan ń wù nìkan ló lè gba "kí" àti olùwà míì sẹ́yìn, tó sì lè gba àbọ̀ bíi "mo fẹ́ omi." "Fẹ́" ti pé nǹkan ti sún mọ́lé ò lè ṣe ìkankan nínú wọn.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi "òjò fẹ́ rọ̀" ṣe ẹ̀rí, wọ́n á ní òjò ò lẹ́mìí, nítorí náà ìgbésókè ni. Òótọ́ ni pé ìgbésókè ni, àmọ́ ẹ̀rí yẹn ò lágbára. Òjò kì í ṣe òfìfo, kì í sì í ṣe ẹ̀yà àkànlò èdè, nǹkan tó ń rọ̀ lóòótọ́ ni, a lè nawọ́ sí i. Nítorí náà èèyàn lè ya àwòrán èèyàn lé e lórí, ìyẹn la fi ń sọ pé "òjò kọ̀, kò rọ̀," bẹ́ẹ̀ "kọ̀" ń béèrè ẹni tó ń kọ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fi òjò bá ọ̀gbẹ́ni yẹn jiyàn, á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, á ní ṣebí ẹ̀yin náà rí i pé òjò lẹ́mìí. Ẹ fi "ó fẹ́ tó ọdún mẹ́wàá" bá a jiyàn, kẹ́ ẹ ní kó fi ẹni tí ọdún mẹ́wàá ń wù hàn yín. Kò sí àwòrán téèyàn lè yà lé òfìfo lórí.

Ẹ wá lè bi mí pé, báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe di méjì? Ó dá mi lójú pé "fẹ́" ti ìwùnilọ́kàn ló bí ìkejì, "Adé fẹ́ lọ" sì ni afárá tó gbà kọjá, torí ẹni tí lílọ ń wù sábà máa ń jẹ́ ẹni tó kù díẹ̀ kó lọ. Etí àwọn ọmọ gbọ́ ìkejì nínú àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun tí nǹkan ò lè wù. Kì í ṣe àwa nìkan. "Ta" tí àwọn Swàhílì fi ń sọ ohun tó ń bọ̀ wá láti ara "taka", tó túmọ̀ sí kéèyàn fẹ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì náà fi ń sọ ọjọ́ iwájú ti fìgbà kan jẹ́ "fẹ́" pọ́ńbélé. Ṣé ilẹ̀ tiwọn náà lẹ́mìí ni? Ó ń dùn mí pé a ti gbàgbé báyìí pé gbólóhùn la fi ń bi èdè léèrè ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la wá ń dá gbé sókè tá à ń yẹ̀ wò bí ẹyọ owó.

"Bẹ̀rẹ̀" náà ní ojú méjì bíi "fẹ́", "Adé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́" yàtọ̀ sí "ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́." "Yẹ" ní tiẹ̀, ìgbésókè ni, àmọ́ ó máa ń fi arọ́pò sílẹ̀ níbi tí olùwà ti dìde: "Ó ti yẹ kí ilẹ̀ mọ́," tẹ́ ẹ bá gbé ilẹ̀ sókè, ó di "Ilẹ̀ ti yẹ kó mọ́," ilẹ̀ lókè, "ó" nísàlẹ̀, àkànlò èdè ò sì kú.