Mo tètè sunkún lórí èsì PSA

"Ẹ̀yin àgbà, bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ìtọ̀ wọn kì í dà gaara mọ́, wọ́n sì ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Àyẹ̀wò wo ni ká kọ́kọ́ ṣe?"

Àbúrò, ẹsẹ̀ ara mi ni ìtọ̀ ń kán sí kí n tó gbà pé nǹkan ń ṣe mí. Mo ní àgbà ló dé. Ọ̀fìnkìn ló tú mi fó. Mo ra oògùn rẹ̀ ní kẹ́mísì, mo lò ó lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ kò jáde mọ́ rárá, ìsàlẹ̀ ikùn mi le bí awọ ìlù. Oògùn tó ń ṣí imú máa ń fún ọrùn àpò ìtọ̀ pọ̀, èyí tó ń múni tòògbé sì máa ń gba agbára lọ́wọ́ àpò náà. Ẹ gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Nílé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí lójú ara, ohun tó dà jáde lé ní lítà kan.

Àṣìṣe mi wá dé. Lọ́jọ́ kẹta, rọ́bà ṣì wà lára mi, mo dá lọ ṣe PSA ní láàbù kan, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún pirositéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Èsì jẹ́ 19, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ kó ju 4 lọ. Mo sunkún. Mo ti ń ṣírò ẹni tí màá fi ilẹ̀ mi fún! Dókítà ìtọ̀ ló wá là mí lóye: rọ́bà, ìtọ̀ tó há àti kòkòrò inú ìtọ̀, gbogbo wọn ló máa ń gbé PSA sókè. A kọ́kọ́ tọ́jú kòkòrò náà, a dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní n má bá ìyàwó mi lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Èkejì jẹ́ 3.8. Ó tún fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ̀ mí wò láti ìdí, nítorí pé jẹjẹrẹ lè wà kí PSA má ga. Pirositéètì mi wú, ṣùgbọ́n ó ń dán, kò le gbandi.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ti ìtọ̀ àti ti ṣúgà, torí ìtọ̀ ṣúgà náà ń jí èèyàn lóru. PSA àti yíyẹ̀ ìdí wò ló tẹ̀ lé e. Tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá lọ́kùnrin bá ti ní jẹjẹrẹ yìí rí, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ wá ní kí wọ́n ya sikáànù àpò ìtọ̀ lẹ́yìn tí bàbá bá tọ̀ tán. Ti èmi, mílílítà 160 ló ṣẹ́ kù. Kẹ́ẹ̀gì tí kì í dà tán, omi díẹ̀ ló máa kún un padà. Ohun tó ń jí mi nìyẹn.

Tamusulósìn, oògùn tó ń dẹ ọrùn àpò ìtọ̀, ni mò ń lò, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo dìde fìrì, òòyì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú, nítorí náà kí bàbá kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Tí ìtọ̀ bá dí pátápátá, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá bá a jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lèmi ń jí báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì tí mo bá mu tíì lálẹ́.