Atọ́ka méjì lórí àtòjọ tí nọ́ḿbà kan ti jẹyọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń fi atọ́ka méjì wá nọ́ḿbà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 6 nínú [1, 2, 2, 4, 4, 5]. Kí ló dé tí 2 àti 4 fi ń jáde lẹ́ẹ̀mejì?"

Ibẹ̀ gan-an ni ojú tèmi náà ti rí màbo. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí mo ka àlàyé wọn kò lo àtòjọ kankan tí nọ́ḿbà ti jẹyọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ó sì ń yẹ iṣẹ́ mi wò kò sọ ju pé èsì náà kò tọ̀nà lọ. Ó ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé àwọn atọ́ka náà. `i` bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì lórí 1, `j` bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún lórí 5. Àpapọ̀ wọn pé 6, àwọn méjèèjì sì sún sínú. Wọ́n bá 2 àti 4, wọ́n tún sún, wọ́n sì bá 2 kejì àti 4 tí ó kù kí wọ́n tó pàdé. Èsì mẹ́ta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta kò dáhùn ìbéèrè kankan. Bí ó bá jẹ́ ìsopọ̀ tí iye wọn yàtọ̀ síra ni ẹ ń wá, méjì péré ló wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ipò ni ẹ fẹ́ kà, márùn-ún ni, nítorí pé 2 kọ̀ọ̀kan lè bá 4 kọ̀ọ̀kan lọ, ìyẹn mẹ́rin, kí a tó fi 1 àti 5 kún un.

Fún ìsopọ̀ tí ó yàtọ̀ síra, lẹ́yìn tí àpapọ̀ bá ti pé, ẹ fo gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ kọjá:

```
i += 1
j -= 1
while i < j and A[i] == A[i-1]:
    i += 1
while i < j and A[j] == A[j+1]:
    j -= 1
```

Ẹ má ṣe yọ `i < j` kúrò nínú àwọn ìlà wọ̀nyí. Ẹ dán [3, 3, 3, 3] wò láìsí i: `i` yóò máa bá 3 lọ títí yóò fi kọjá òpin àtòjọ, kóòdù yóò sì kú.

Bí ó bá jẹ́ kíkà ni, ẹ ka iye ẹ̀dà tí ó wà lápá òsì, ẹ fi sọ iye ti ọ̀tún di púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí `A[i]` àti `A[j]` bá jẹ́ nọ́ḿbà kan náà, ẹ̀dà kan náà ni apá méjèèjì ń kà, nítorí náà `n*(n-1)//2` ni kí ẹ lò. 3 mẹ́rin yẹn yóò fún yín ní 6, ẹ ó sì dúró síbẹ̀, torí kò sí ohun mìíràn láàárín wọn.

Ìyókù rọrùn: bí àpapọ̀ bá kéré, ẹ sún `i`, bí ó bá pọ̀ jù, ẹ sún `j`. Àtòjọ gbọ́dọ̀ ti wà létòlétò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kóòdù kò ní pariwo rárá, yóò kàn máa fo àwọn ìsopọ̀ tí ó tọ́ ni. Bí ó bá sì jẹ́ ipò àtètèkọ́ṣe àwọn nọ́ḿbà ni wọ́n ní kí ẹ dá padà, ẹ so ipò kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ḿbà rẹ̀ kí ẹ tó tò wọ́n, torí títò yóò da àwọn ipò náà rú.