Bí a ṣe ń kọ àpèjúwe fọ́tò ìpara kí ọ̀ṣọ́ má bàa bo ìgò mọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ìpara òrí ni mò ń tà, inú ìgò aláwọ̀ oyin ni mo sì ń rọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ fún ayàwòrán pé kó fi òdòdó, abẹ́là, táwẹ̀lì, kóró òrí àti aṣọ àdìrẹ sí i, kó rí bí ilé olówó. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn oníbàárà ń bi mí pé ṣé aṣọ ni mò ń tà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Àdìrẹ yẹn ló kọ́kọ́ gba ìgò lójú wọn. Ojú èèyàn máa ń sáré lọ síbi tí funfun àti dúdú bá ti pàdé, àti síbi tí lẹ́tà tàbí àrà bá pọ̀ sí. Àrà funfun ló wà káàkiri lórí aró dúdú, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni ìgò yín ní. Abẹ́là náà kò ràn yín lọ́wọ́: iná rẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe láti ara ìgò. Ẹ sọ ibi tó dúró, ibi tó kọjú sí, àti ìwọ̀n àyè tó gbà. Nínú fọ́tò olóòró, irú 1080 × 1350, mo máa ń fẹ́ kí ìgò gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú fọ́tò, kó wà nísàlẹ̀ àárín díẹ̀, kí òkè rẹ̀ ṣófo. Ibẹ̀ lẹ ó kọ iye owó sí tó bá yá.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ìgò dúró lé. Ìgò aláwọ̀ oyin lórí pákó aláwọ̀ ilẹ̀ á rì sínú rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ bèèrè ohun tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ tí kò sì ní àrà: òkúta aláwọ̀ yanrìn tí wọn ò dán, tàbí aṣọ aláwọ̀ wàrà tí a tẹ́ gbalaja. Táìlì tó ń dán á gbé òjìji ìgò síta lódìkejì, á wá dà bíi pé ìgò méjì ló wà níbẹ̀.

“Kó rí bí ilé olówó” kò ṣeé yà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà àkókò àti ìhà tó ti ń wá ni kí ẹ kọ. Lára ìgò, fèrèsé á hàn bí ìlà funfun kan. Kí ayàwòrán yí ìgò díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi kúrò lórí lébẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀ṣọ́ ló kẹ́yìn. Èyí tó bá ń sọ ohun tó wà nínú ìpara tàbí bí a ṣe ń lò ó nìkan ni kó dúró. Kóró òrí yege. Òdòdó kò yege, àfi tí ẹ bá fi í sínú ìpara. Ẹ kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ka “kóró òrí” lásán lè da odindi agbọ̀n sílẹ̀. Èyí tí mo máa fi ránṣẹ́ rèé:

“Ìgò ìpara kan, ọmọrí rẹ̀ ní dídé, lébẹ́ẹ̀lì kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Ó wà lórí òkúta aláwọ̀ yanrìn tí kò dán. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ láti fèrèsé ọwọ́ òsì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà, páálí funfun lọ́wọ́ ọ̀tún kí ẹ̀gbẹ́ ìgò má ṣókùnkùn jù. Kóró òrí mẹ́ta lẹ́yìn, lápá ọ̀tún. Ṣíbí onígi kan pẹ̀lú ìpara díẹ̀ lápá òsì. Méjèèjì kò gbọdọ̀ ga tó ìdajì ìgò, wọn kò gbọdọ̀ wà níwájú rẹ̀, kí àyè tó tó ìdajì ìbú ìgò sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti ìgò. Kò sí òdòdó, kò sí abẹ́là, kò sí nǹkan mìíràn tó ní lẹ́tà lára.”

Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sí i dandan, torí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fẹ́ràn àyè tó ṣófo, wọ́n á fẹ́ kún un.

Ìpara orí ṣíbí ni kí wọ́n fi sí i kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti tò tán. Láàárín bí 32 sí 37 dígírì ni òrí ń yọ́, nítorí náà nínú yàrá tó gbóná, kò ní pẹ́ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí epo. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fíríìjì mú un le, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi sórí ṣíbí nìkan. Tí ìgò fúnra rẹ̀ bá tutù, á làágùn nígbà tó bá jáde, omi á sì ba lébẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Nígbà tí fọ́tò bá dé, ẹ sún un kéré lórí fóònù títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò. Tí ìgò kọ́ lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ fi ìka bo ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí fọ́tò bá dùn wò jù láìsí i ni kí wọ́n yọ. Tí ọkàn yín ò bá kúrò lára aró, ẹ ní kí wọ́n ká aṣọ aró tí kò ní àrà rárá, kó wà lẹ́yìn pátápátá, kó sì rí bàìbàì.