Ọ́dítọ̀ Ní Kò Séwu, Owó Ẹgbẹ́ Ò Sì Pé

Ìbéèrè: Ọdọọdún ni ọ́dítọ̀ ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Kabba wò, ó ní kò séwu. Owó ò pé báyìí, a sì ń fura sí ẹni tó ń gbowó. Ṣé ìwé ọ́dítọ̀ tó láti gbé e lọ sílé ẹjọ́? Búkù rìsíìtì àti kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ wa.

Ìdáhùn: Okun o, ẹ kú wàhálà. Kò tó. Ohun tí òfin ní kí ọ́dítọ̀ sọ ni bóyá àkọọ́lẹ̀ ọdún náà fi ipò owó ẹgbẹ́ hàn bó ṣe rí, láìsí àṣìṣe ńlá nínú. Díẹ̀ ló ń mú wò nínú rìsíìtì. Ìfura kan pàtó ni oníwàádìí fọrẹ́ńsíìkì ń tọ̀ ní tirẹ̀: ta ló mú owó, èló ni, ọ̀nà wo ló gbà? Gbogbo rìsíìtì tó bá kan ọ̀rọ̀ náà ló máa tú wò.

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan san 50,000 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà kábọ́ǹnù inú búkù ní 5,000. 5,000 náà ló dé báńkì. Tí ọ́dítọ̀ bá fi búkù wé ìwé báńkì, wọ́n bára mu pátápátá! Rìsíìtì ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa tú àṣírí 45,000 tó kù, torí náà ẹ tètè kó wọn jọ. Ẹyọ kan lè jẹ́ àṣìṣe. Tó bá pọ̀ tí ọwọ́ kan náà kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ má kọ ohunkóhun sára rìsíìtì, ẹ má gún un ní pín-ìn-nì. Ẹ fi sínú àpò ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ buwọ́ lu ojú ibi tí ẹ lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ẹni tó mú un wá àti ẹni tó gbà á. Ìgbàkígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì, ẹ tún kọ ọ́. Ibi tí àkọsílẹ̀ yìí bá ti já ni lóyà ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ máa di mú.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Tó bá wà ní pípa, ẹ má tàn án rárá, torí títàn án nìkan ń yí ọjọ́ àti aago ara àwọn fáìlì kan padà. Ọ̀jáfáfá á fi ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí nǹkan wọ inú rẹ̀ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, á sì ṣírò SHA-256, nọ́ńbà gígùn tó dà bí ìtẹ̀ka ohun tó wà nínú fáìlì, ti ojúlówó àti ti ẹ̀dà. Tí lẹ́tà kan péré bá yí padà nínú ẹ̀dà, nọ́ńbà náà ò ní bára mu mọ́. Orí ẹ̀dà ni wọ́n á ti ṣiṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń kó ẹjọ́ báyìí sí wàhálà ni abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023. Ìwé tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ bá ìwé ẹ̀rí rìn, tó sọ ẹ̀rọ tó mú un jáde àti bó ṣe jáde. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì torí pé wọn ò tẹ̀ lé abala yìí. Kò pọn dandan kí ẹni tí ẹ ń fura sí ló buwọ́ lù ú o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń lo kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹgbẹ́, bíi ààrẹ tàbí akọ̀wé, lè buwọ́ lù ú.