Àkòrí Bára Mu, Iṣẹ́ Ò Bára Mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wò kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Bí mo bá ka èròǹgbà, tí mo ka iṣẹ́ inú kíláàsì, tí mo tún ka ìgbéléwọ̀n, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dà bí ẹni pé ó bára mu. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó bára mu lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àkòrí ló ń tàn yín jẹ. Bí èròǹgbà bá sọ̀rọ̀ nípa ìdá, tí iṣẹ́ kíláàsì sọ̀rọ̀ nípa ìdá, tí ìgbéléwọ̀n náà sọ̀rọ̀ nípa ìdá, ojú á ti gbà pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ máa ṣe pẹ̀lú ìdá yẹn gan-an ló yẹ ká máa wò, àti ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40 ni. Èròǹgbà rẹ̀ kà báyìí: "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi ìdá méjì tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ wéra, yóò sì lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ." Nínú kíláàsì, olùkọ́ máa ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú 10, á ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta lójú pátákó fún ìṣẹ́jú 15, àwọn ọmọ á dà á kọ fún ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 5 tó kù wà fún ìgbéléwọ̀n:

Èwo ló tóbi jù?
(a) 3/4 tàbí 2/3
(b) 5/6 tàbí 3/5
(d) 4/5 tàbí 1/2

Mo ti fọwọ́ sí irú ìwé báyìí rí, tọkàntọkàn.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé. Bí ẹ bá ti ka èròǹgbà tán, òun lẹ ó máa rí nínú gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e, yálà ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ fi ọwọ́ bo èròǹgbà, kí ẹ kọ́kọ́ ka ìgbéléwọ̀n nìkan. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ fi han olùkọ́ mìíràn tí kò tíì rí ìwé náà, kí ẹ bi í pé, "Kí lẹ rò pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí?" Lórí àpẹẹrẹ wa, á ní wọ́n ń kọ́ wọn láti mú ìdá tó tóbi. Kò ní sọ pé wọ́n ń kọ́ wọn láti ṣàlàyé ìdí, nítorí kò síbi tí ìdí ti yọjú. Ìlàjì èròǹgbà ti di aláìní-ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ìlàjì tó kù ńkọ́? Ẹ ṣe ìdánwò náà bí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Àṣìṣe kan wà tí gbogbo ẹni tó ti kọ́ni ní ìdá mọ̀ dáadáa: ọmọ á máa wo ìdá bí ẹni tó ń wo nọ́ńbà lásán, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi ló gbà pé ó tóbi. Ẹ fi ojú ọmọ yẹn wo ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ńbà inú 3/4 tóbi ju ti 2/3 lọ, á mú un, ó sì gbà á. Á mú 5/6, ó gbà á. Á mú 4/5, ó gbà á. Mẹ́ta nínú mẹ́ta fún ọmọ tí òye rẹ̀ dojú dé, olùkọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èròǹgbà ti ṣẹ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ohun méjì lórí ìgbéléwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè yege? Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n lè kùnà? Ìkejì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbólóhùn ìbéèrè bá le ju ìṣirò inú rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ìwé kíkà la ń dán wò.

Ó wá kan iṣẹ́ inú kíláàsì. Ẹ mú ọmọ kan lọ́kàn yín, èyí tó jókòó sẹ́yìn tí kì í nawọ́, kí ẹ máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ìṣẹ́jú kìíní dé ìkẹyìn. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe? Kí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ? Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ó gbọ́rọ̀ fún ìṣẹ́jú 25, ó dà á kọ fún 10, ó mú ìdáhùn fún 5. Àlàyé wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ nìkan ló ṣe é. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú èròǹgbà gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí a tó fi dán an wò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pọ̀. Kí olùkọ́ dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 10, kó ṣe àpẹẹrẹ kan fún ìṣẹ́jú 5, kí àwọn ọmọ wá ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 15. Wọ́n á ya ọ̀pá méjì sínú ìwé, wọ́n á pín wọn, ọ̀kan á sì sọ fún èkejì ìdí tí èyí fi ju tọ̀hún lọ. (Ẹ ṣọ́ ọ kí ọ̀pá méjèèjì gùn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, àwòrán náà ló máa kọ́ wọn ní irọ́.) Ìgbéléwọ̀n á wá gba ìṣẹ́jú 10: 5/8 àti 2/3, èwo ló tóbi, kí ló dé? 3/4 àti 2/3 ńkọ́? Ọmọ tó ń tẹ̀ lé nọ́ńbà ńlá á mú 5/8, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó há a sórí pé "nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó kéré ló ń tóbi" á bọ́ nínú ìkíní, ṣùgbọ́n á mú 2/3 nínú ìkejì. Kí olùkọ́ sì kọ irú ìdí tó máa gbà sílẹ̀ ṣáájú. Bí ọmọ bá sọ 5/8 di 15/24, tó sọ 2/3 di 16/24, tó wá ní "16 ju 15 lọ," kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ìpín méjèèjì ti dọ́gba ní ìwọ̀n, pé ìyẹn ló jẹ́ ká lè kà wọ́n wéra.

Ẹ má gbára lé àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan o, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń fà yọ láti inú ìpele òye tí Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò ní 1956. "Ṣàlàyé" lè wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì jẹ́ àkọ́sórí lásán. Bí olùkọ́ bá ti ṣàlàyé 5/8 àti 2/3 lójú pátákó, tó wá fi ìdá méjì yẹn gan-an ṣe ìbéèrè, ọmọ kàn ń rántí ohun tó gbọ́ ni. Ohun tí ọmọ máa ṣe ló gbọ́dọ̀ bára mu, kí nọ́ńbà yàtọ̀.

Àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ àná níbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kò níláti bá èròǹgbà òní dọ́gba, ẹ má tìtorí ìyẹn dá ìwé ẹnikẹ́ni padà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà la ó máa tún ìgbéléwọ̀n ṣe. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti ìgbà àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ kò tíì lè pín ọ̀pá dọ́gba, èròǹgbà ló tóbi jù. Kí olùkọ́ yọ "ṣàlàyé" kúrò, kó kọ "pín ọ̀pá, kí o sì kun ìdá tí a dárúkọ," kó gbé àlàyé sí ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.