Kóòtù Ní Kí N Máa Rí Àwọn Ọmọ Mi, Ìyá Wọn Ò Gbà

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá ni kóòtù gíga l'Ékòó tú èmi àti ìyàwó mi ká, rẹ́jísìrì la ti ṣègbéyàwó. Ìyá ni wọ́n kó àwọn ọmọ fún, obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 5, wọ́n ní kí èmi máa rí wọn ní àsìkò tó bá bójú mu. Ìbàdàn ni mo wà, Ìkòròdú ni wọ́n wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wọ́n lọ pátì, wọ́n ń sùn, ara ọmọ ò yá. Ọdún Àjíǹde ni mo rí wọn kẹ́yìn. Mo jẹ owó oúnjẹ oṣù méjì, ó ní owó ò wọlé, ọmọ ò ní jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú ọlọ́pàá lọ, àwọn kan ní kí n lọ gbé wọn ní ilé ìwé. Kí ni kí n ṣe? Èmi Bàbá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn."

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wàhálà ẹ, "àsìkò tó bá bójú mu." Ta ló máa sọ pé àsìkò yìí bójú mu? Ìwọ rò pé Sátidé dáa, òun ní kò dáa, o sì padà sí Ìbàdàn láìní nǹkan kan tí o lè gbé síwájú adájọ́, torí ìwé ò dárúkọ Sátidé, kò dárúkọ aago, kò sọ ibi tí wọ́n á ti fa ọmọ lé ẹ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì wà ní wẹ́fíà, irú ọ́dà kóòtù báyìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, àwọn òbí méjèèjì á gbé ìwé kan náà dání, kálukú á sì máa sọ pé tòun ni ìwé náà wí. Adájọ́ ò lè fìyà jẹ èèyàn lórí aago tí kò sí nínú ìwé. Torí náà iṣẹ́ ẹ àkọ́kọ́ ni kí o jẹ́ kí kóòtù sọ ọjọ́, aago àti ibi, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ká fipá mú un tẹ̀lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ọlọ́pàá yẹn, fi sílẹ̀ jàre. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ tí kò ju ẹjọ́ sífù lọ, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọmọ yẹn á sì rántí ọjọ́ tí bàbá òun kó ọlọ́pàá wọ ilé. Ti ilé ìwé ló tún burú jù. Ìyá ni kóòtù fún ní kọ́sítódì, tí o bá lọ gbé wọn lẹ́nu géètì, ìwọ lo di ẹni tó tàpá sí ọ́dà, lọ́yà rẹ̀ á sì fi ọjọ́ kan yẹn bẹ adájọ́ pé kí wọ́n má jẹ́ kí o rí wọn àyàfi lójú òṣìṣẹ́ wẹ́fíà.

Owó wá ńkọ́? Owó oúnjẹ lọ́tọ̀, ojú ọmọ lọ́tọ̀. Òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ọmọ mọ́lé torí o jẹ owó, ìwọ náà ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó dúró torí o ò rí ọmọ. Àmọ́ jọ̀ọ́, san oṣù méjì yẹn kí o tó fẹsẹ̀ tẹ kóòtù, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi ẹ́ nìyẹn. Báǹkì ni kí o gbà san án, má fún un lọ́wọ́, kí o sì kọ oṣù tó wà fún síbi tí wọ́n ti ní kí o ṣàlàyé owó, "owó oúnjẹ oṣù karùn-ún", bẹ́ẹ̀.

Wàá wá ní kí lọ́yà ẹ kọ lẹ́tà sí ìyá àwọn ọmọ tàbí lọ́yà tiẹ̀, kó fi ìwé ètò ìbẹ̀wò tí ẹ ti kọ mọ́ ọn. Tó bá gbà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e padà sí kóòtù kí adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ ti ara rẹ̀. Má gbàgbé apá kejì yẹn o, torí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nínú pálọ̀ lásán, kò sẹ́ni tó lè tìtorí ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Tí kò bá gbà, lọ́yà á fi mòṣọ̀n, ìyẹn ìwé ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́, àti áfídéfíìtì síwájú kóòtù gíga tó tú yín ká, pé kó tún apá tó kan ìbẹ̀wò ṣe. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ kóòtù gíga lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ọdún 1970, ọ̀rọ̀ ọmọ ò tíì parí níbẹ̀ rárá, wọ́n lè tún un gbé yẹ̀ wò, àǹfààní ọmọ sì ni wọ́n máa fi ṣíwájú. Má lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ o, ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ò sí lábẹ́ wọn.

Ó yá, ètò náà fúnra rẹ̀. Má kọ "ọ̀sẹ̀ méjì méjì". Tí ẹ bá pàdánù ẹyọ kan báyìí, ìwọ á ní ọ̀sẹ̀ yìí ló kàn, òun á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Kọ "Sátidé àkọ́kọ́ àti Sátidé kẹta nínú oṣù", ẹnikẹ́ni tó bá ní kàlẹ́ńdà lè kà á. Sátidé ni kí o fi ka òpin ọ̀sẹ̀, má fi Fúráídè kà á, torí tí Sátidé bá bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, oṣù tó kọjá ni Fúráídè rẹ̀ wà, ìjà mìíràn tún nìyẹn.

Ọmọ ọdún 5 tí kò rí ẹ láti Ọdún Àjíǹde, o ò lè gbé e lọ sùn n'Íbàdàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn adájọ́ ò fẹ́ràn irú ẹ̀, ọmọ gan-an á sunkún wọ òru. Béèrè fún oṣù méjì tó jẹ́ pé ojú ọ̀sán ni, aago 10 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, nínú Ìkòròdú níbẹ̀. Láti oṣù kẹta, kó di Sátidé aago 10 àárọ̀ sí Sọ́ńdè aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè délé, wẹ̀, ṣe họ́múwọ̀kì kí Mọ́ńdè tó mọ́. Èmi á ṣe apá yẹn báyìí tó bá jẹ́ èmi ni, lọ́yà á wá sọ ọ́ di èdè kóòtù:

"Bàbá yóò gba àwọn ọmọ ní aago 10 àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ àti Sátidé kẹta nínú oṣù, ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin, yóò sì dá wọn padà síbẹ̀ kan náà, ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Bàbá fúnra rẹ̀ tàbí ìyá bàbá nìkan ló lè wá gbà wọ́n. Ìyá yóò dúró dìgbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá kó tó lè lọ. Bí ara ọmọ ò bá yá, ìyá yóò fi Wásáàpù sọ fún bàbá ṣáájú aago 6 ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni yóò sì rọ́pò rẹ̀."

Wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Tí kò bá sí níbẹ̀, ibà á máa mú ọmọ ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́. Tó bá ti wà níbẹ̀, àìsàn kàn sún ọjọ́ síwájú ni, kò pa á rẹ́. Ti ilé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, mo mú un torí ẹnu ọ̀nà ilé ìyá gan-an ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń di ariwo, ó dáa kí ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó lè sọ ohun tó rí.

Họlidé ọlọ́jọ́ gígùn, béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé kejì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá pa. Kérésìmesì, kí ẹ máa pín in lọ́dọọdún, ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8 jẹ́ tìẹ, ìyókù jẹ́ ti ìyá wọn. Tí ẹ bá ń ṣe Iléyá, ẹ má kọ déètì, kọ "ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ kejì rẹ̀", torí oṣù ojú ọ̀run ló ń sọ ọjọ́. Kí fóònù náà ní ọjọ́ tiẹ̀, Wẹ́sìdeè aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Ó sì yẹ kó wà níbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbé wọn jáde ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé èkejì kọ̀wé gbà.

Tí ọ́dà bá ti jáde, ó kù kó tẹ obìnrin náà lọ́wọ́. Gba ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, kí lọ́yà ẹ béèrè pé kí rẹ́jísírà kóòtù fi Fọ́ọ̀mù 48 sí i, ìyẹn ìkìlọ̀ pé tó bá tàpá sí àṣẹ yìí, ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀ lé e. Bélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń pín ìwé, ló máa fi lé obìnrin náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe àbúrò rẹ̀, kì í ṣe mégáàdì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń wó, bàbá á ti gbé gbogbo ẹ̀rí wá, lọ́yà èkejì á kàn dìde pé wọn ò fi Fọ́ọ̀mù 48 lé oníbàárà òun lọ́wọ́, ó parí.

Lẹ́yìn náà máa lọ ní gbogbo Sátidé tí ìwé sọ, kódà tó bá ti sọ pé òun ò ní mú wọn wá, torí tí o ò bá lọ, ìwọ lo ò lọ. Ra ìwé kékeré kan, kọ aago tí o dé, aago tí o kúrò, ẹni tó dá ẹ lóhùn àti ohun tó sọ, kí o sì fi Wásáàpù tó mọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ náà, "mo ti dé, aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 5". Má bú u nínú ẹ̀ o, adájọ́ máa kà á.

Tó bá fi lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò mú wọn wá, tí kò sì ní ìdí gidi, lọ́yà á kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Tí kò bá yí padà, Fọ́ọ̀mù 49 ló kàn, kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní rán an lẹ́wọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì gbáko ti kọjá lẹ́yìn tó gba Fọ́ọ̀mù 48. Mi ò ní tàn ẹ́, adájọ́ kì í fẹ́ fi ìyá ọmọ ọdún 5 sẹ́wọ̀n, ìwọ náà ò sì fẹ́ kí ọmọ ẹ máa sọ pé bàbá òun ló ti ìyá òun mọ́lé. Torí ẹ̀, ní kí lọ́yà béèrè nǹkan mìíì pẹ̀lú: kí wọ́n dá gbogbo ọjọ́ tí o pàdánù padà fún ẹ, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa ọmọ lé ẹ lọ́wọ́, tó bá sì ń tàpá lọ, kí kóòtù tún ọ̀rọ̀ kọ́sítódì gbé yẹ̀ wò. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló sábà máa ń mú kí wọ́n ṣí géètì.

Ohun kan wà tí fọ́ọ̀mù kankan ò lè ṣe. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 9 yẹn fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lọ, má yára gbà pé ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Adájọ́ lè pè é sí yàrá rẹ̀ kó bá a sọ̀rọ̀, tàbí kó ní kí wẹ́fíà lọ wò wọ́n nílé, o sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé ojú ọ̀sán nìkan lè wà fún un fúngbà díẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń wá sùn.

Mú ìwé ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀, rìsíìtì owó báǹkì, Wásáàpù gbogbo ìgbà tó ti dá ẹ padà láti Ọdún Àjíǹde, àti kàlẹ́ńdà ilé ìwé àwọn ọmọ lọ bá lọ́yà. Tí o ò bá lówó lọ́yà, lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ti ìjọba Èkó, torí Èkó ni kóòtù náà wà.